Ìpara sitẹ́rọ́ìdì lójú ọmọ ìkókó àti ní kọ́lọ́fín ọrùn rẹ̀: ohun tí àwọn ìyá ń bi mí l'Òṣogbo

Ilé oògùn ni mò ń jókòó sí l'Òṣogbo láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí ooru bá ti mú, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ìyá ìkókó kan kì í wọlé, tí yóò gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ sókè, tí yóò sì ní, "Mọ́mì, ẹ wo abẹ́ ọrùn ọmọ yìí, ẹ bá mi wá nǹkan fún un." Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ṣe dáhùn.

Ṣé oògùn burúkú ni sitẹ́rọ́ìdì?

Rárá o. Oògùn tó ń pa iná inú awọ ni. Nígbà tí awọ bá bínú, ara máa ń rán ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná, kó wú, kó sì máa yún ọmọ. Sitẹ́rọ́ìdì ló ń sọ fún àwọn ọmọ ogun yẹn pé kí wọ́n lọ jókòó. Bó bá jẹ́ éksímà, àìsàn tó ń mú awọ gbẹ tó sì ń yún ọmọ, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó dára bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀tá tí kò sí ni wọ́n ń bá jà. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, irú èyí tó ń fa làpálàpá tàbí èyí tó ń mú inú ẹnu ọmọ funfun, a jẹ́ pé ẹ ti ní kí ọlọ́dẹ lọ sùn nígbà tí olè ṣì wà nínú ilé.

Kí ló dé tí ojú àti kọ́lọ́fín ara fi yàtọ̀ sí ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀?

Ẹ fi ìka kan ìpéǹpéjú yín, kí ẹ tún fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí awọ méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra ni bí oògùn ṣe ń gba inú wọn kọjá ṣe yàtọ̀. Awọ ojú fẹ́lẹ́, ti abẹ́ ọrùn, abíyá àti ìpàdé itan náà fẹ́lẹ́. Awọ ẹpọ̀n ọmọkùnrin ló ń mu oògùn jù nínú gbogbo wọn.

Kọ́lọ́fín tún ní tirẹ̀. Awọ méjì ló pa dé ara wọn níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn de ìkòkò, òógùn ò rí ọ̀nà jáde, oògùn tí ẹ fi síbẹ̀ ò sì rí ibi lọ àfi inú. Páńpásì ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an nídìí ọmọ. Ẹ tún rántí pé ọmọ kéré: bí ẹ bá fi awọ rẹ̀ wé ìwọ̀n rẹ̀, awọ rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ìpara tí àgbàlagbà fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò rí nǹkan kan lè wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ dé ibi tí ara rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n lára.

Èwo ni wọ́n lè fi pa ojú ọmọ?

Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ti wo ọmọ tó sì sọ pé ó nílò rẹ̀, haidrokọtisóònù 1% ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lójú àti ní kọ́lọ́fín. Òun ló rọ̀ jù nínú ẹbí sitẹ́rọ́ìdì.

Ibi tí nọ́ńbà ara túùbù ti ń tan ènìyàn nìyí, ó sì ń dùn mí torí pé àwọn tó mọ̀wé dáadáa náà ń ṣì í. Ìyá kan mú túùbù méjì lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, èyí 1%, èyí 0.05%. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kéré fún ọmọ." Èyí tó pè ní kékeré yẹn, kilobetasọ́ọ̀lù ni, ó sì fi ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ le ju haidrokọtisóònù. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí oògùn inú túùbù ṣe pọ̀ tó, kò sọ bó ṣe lágbára tó. Ṣíbí ata rodo kan àti ṣíbí tàtàṣé kan kì í ta bákan náà. Orúkọ oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí ẹ bá rí kilobetasọ́ọ̀lù tàbí bẹtamẹtasóònù, kì í ṣe fún ojú ìkókó.

Ìpara oní-mẹ́ta-nínú-ọ̀kan ńkọ́? Òun kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń lò?

Òun ni wọ́n ń lò, òun náà ló sì ń bà á jẹ́ jù. Nínú rẹ̀, ẹ óò bá oògùn tó ń pa kòkòrò làpálàpá, oògùn bakitéríà, àti sitẹ́rọ́ìdì tó le, tó sábà máa ń jẹ́ bẹtamẹtasóònù tàbí kilobetasọ́ọ̀lù. Sitẹ́rọ́ìdì yẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan tí mo fojú ara mi rí. Obìnrin ni, ọmọ oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ó sanra dáadáa, ọrùn rẹ̀ sì ká sí ọ̀nà mẹ́ta. Ooru mú, ìyá rẹ̀ ń gbé e dání lọ sí ọjà lójoojúmọ́, omi ọmú ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu bọ́ sínú ọrùn. Abẹ́ ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó rin, ó sì ń rùn díẹ̀. Aládùúgbò kan fún ìyá rẹ̀ ní túùbù oní-mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, ojú ibẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó tún padà, ó sì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún pa á, ó tún lọ. Báyìí ló ṣe bá a yí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà tó rí i pé ibi tí ìpara kàn ń dán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, torí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ gbẹ.

Ọjọ́ tó wá sọ́dọ̀ mi, mo gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè, mo sì fi ìka méjì ya kọ́lọ́fín ọrùn rẹ̀. Inú ibẹ̀ ń dán bí awẹ́ àlùbọ́sà, awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí iṣan tín-tìn-tín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìlà kọ́lọ́fín náà, lórí awọ tó yẹ kó mọ́, àwọn kókó kéékèèké fọ́n ká. Àwọn kókó yẹn ló sọ fún mi pé kòkòrò ibẹ̀ kò kú rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun ju iwájú orí rẹ̀ lọ. Yí ẹnu rẹ̀ ká, rorẹ́ wẹ́wẹ́ ti hù, ṣùgbọ́n etí ètè gan-an mọ́, bíi pé ènìyàn fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i.

Mo ní, "Ìyá ìkókó, kí lẹ fi ń pa á?" Ó fà á yọ nínú báàgì. Túùbù kẹta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

N kò ta nǹkan kan fún un. Mo ní kó gbé e lọ bá dókítà ọmọdé lọ́jọ́ yẹn. Dókítà wọn ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìpara líle náà sílẹ̀, kí wọ́n fi haidrokọtisóònù 1% rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì dúró. Fún ọrùn, ó kọ kilotrimasóòlù 1% lásán, oògùn tó ń pa irú kòkòrò yẹn, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ fún ìyá náà ṣáájú pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ burú sí i kó tó dára. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ìyá náà padà wá bá mi pẹ̀lú omijé, ó ní kí n ta ti àtijọ́ fún òun, kí ojú ọmọ òun lè dákẹ́. A jọ jókòó, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ọrùn ti gbẹ. Àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gba oṣù mélòó kan kó tó bá ti iwájú orí dọ́gba.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi?

Ibi tó wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ inú kọ́lọ́fín ló wà, tó rin, tí kókó kéékèèké sì fọ́n ká lẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò tó jẹ́ ìbátan làpálàpá ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, oògùn rẹ̀ sì ni kilotrimasóòlù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó gbẹ, tó rí ṣákaṣàka, tí ọmọ ń fi ojú ra èjìká yín nítorí pé ó ń yún un, tí ọmọ náà sì ti lé ní oṣù méjì, ó jọ éksímà. Bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́ lọ́rùn, láyà àti níwájú orí lẹ́yìn ooru, ẹ̀gbẹẹ̀sì ni. Omi tútù díẹ̀ àti bíbọ́ aṣọ tó pọ̀ ló nílò, kò nílò sitẹ́rọ́ìdì rárá. Rorẹ́ tó hù sójú ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ máa ń sọ pé "ó pọ́n". Lára ọmọ tiwa tó dúdú, ó lè má pọ́n. Ó lè dúdú sí i, kó rí bí eérú, tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ìka ra á bóyá ó rí ṣákaṣàka.

Báwo ni kó ṣe pọ̀ tó?

Ó kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà awọ ń lò ni orí ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà. Bí ẹ bá fún ìpara láti ṣóńṣó ìka dé ìlà àkọ́kọ́, ó tó ìdajì gíráàmù, ó sì tó pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú àwọn ìka wọn. Fún gbogbo ojú àti ọrùn ọmọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, orí ìka kan péré ni. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ojú nílò rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tàbí ìlà kan nínú ọrùn kò nílò ju ohun tó tó hóró ìrẹsì kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì àti ọrùn, hóró ìrẹsì mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, mẹ́fà. Fún ọjọ́ 5, ọgbọ̀n hóró ìrẹsì, èyí tí kò tó gíráàmù méjì. Túùbù kékeré tí a ń tà jẹ́ gíráàmù 15. Nítorí náà, lẹ́yìn ọjọ́ 5, ó yẹ kí túùbù yín ṣì kún bí ìgbà tí ẹ rà á. Bí ìyá bá sọ fún mi pé túùbù tí òun rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tán, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó yanu: ó ń fi pa ọmọ bí ìpara ara lásán.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ nu inú kọ́lọ́fín, kí ẹ fi aṣọ òwú tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má ha á. Ẹ ya ọrùn náà sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wá fi hóró ìrẹsì yẹn sí ibi tó ń dà á láàmú nìkan, kí ẹ rọra tẹ́ ẹ títí yóò fi wọlé. Bí ẹ bá ṣì rí i pé ó funfun lórí awọ, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà.

Nínú kọ́lọ́fín, ẹ lo kírímù. Ọ́íńtímẹ́ǹtì tó ní ọ̀rá máa ń dé òógùn mọ́ inú ibẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbẹ ló bá mu. Ẹ má da pàúdà sí ọrùn ọmọ, ó ń dì níbẹ̀, ọmọ sì ń fà á símú. Ní ìdí ọmọ, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ kí ẹ tó fi sitẹ́rọ́ìdì kankan síbẹ̀, nítorí páńpásì.

Ọjọ́ mélòó?

Lójú àti ní kọ́lọ́fín, ọjọ́ 3 sí 5, kó má kọjá 7, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Bó bá ti lọ lọ́jọ́ kẹta, ẹ dúró lọ́jọ́ kẹta. Haidrokọtisóònù tí ẹ lò fún ọjọ́ díẹ̀ kò nílò pé kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ 7 bá pé tí kò lọ, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mìíràn kún un, ẹ má sì lọ ra èyí tó le jù ú lọ. Ohun tó ń jẹ́ kó má lọ ni kí dókítà wá.

Bó bá jẹ́ kilotrimasóòlù ni wọ́n fún yín fún ọrùn, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ máa lò ó lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ ti mọ́, torí pé kòkòrò náà máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ nígbà tí ojú wa ò rí i mọ́.

Òrí àti faasilíìnì ńkọ́?

Faasilíìnì lásán dára fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gbẹ, òrí tó mọ́ tí kò ní lọ́fínńdà náà ṣe é lò bí kò bá yọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, yálà sitẹ́rọ́ìdì wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ má pò ó mọ́ sitẹ́rọ́ìdì nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 sáàárín méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò fi òrí tì oògùn lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Inú ọrùn tó rin kò nílò òrí.

Ìpéǹpéjú àti etí ẹnu?

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ fi síbẹ̀. Sitẹ́rọ́ìdì tó pẹ́ ní ìpéǹpéjú lè gbé ìtẹ̀ inú ẹyinjú sókè, ó sì lè ba ojú jẹ́. Etí ẹnu, ọmọ á lá a.

Kí ni mo máa rí tí mo fi máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù?

Lórí awọ: ó ń dán, ó fẹ́lẹ́, iṣan tín-tìn-tín hàn, ó funfun ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, rorẹ́ yí ẹnu ká, tàbí ìlà bí ti ikùn aboyún ní itan tàbí abíyá. Ní gbogbo ara: ojú ọmọ rí rìbìtì lójijì, ó ń sanra kíákíá ṣùgbọ́n kò ga bó ṣe yẹ, irun ń hù lójú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà máa ń yọ̀ sí sísanra yẹn, wọ́n á ní ọmọ ń gbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìpara líle bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti fi èyí tó le pa á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé kí n jù ú nù lónìí?

Ẹ má dá a dúró lójijì fúnra yín, ẹ má sì fi kún un. Ẹ gbé ọmọ àti túùbù náà lọ bá dókítà lónìí tàbí lọ́la. Sitẹ́rọ́ìdì kan wà tí ara ọmọ ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ti inú túùbù bá ti ń wọlé fún ìgbà pípẹ́, ara á dẹwọ́ nínú tirẹ̀. Bí ẹ bá wá yọ ti inú túùbù lójijì, tí ibà sì mú ọmọ, ara lè má rí agbára tó fi máa dìde. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń bì, tó ń sùn ṣáá, tí kò mu ọmú, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, kódà bó jẹ́ òru. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìpara náà fún wọn kí wọ́n tó bi yín.

Èmi ni mò ń pa ìpara tó ń bóra, kì í ṣe ọmọ. Kí ló kàn án?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí máa ń ti ìyá lójú, n kì í béèrè rẹ̀ níwájú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìpara tó ń bóra ní kilobetasọ́ọ̀lù nínú, kódà nígbà tí wọn ò kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ọmọ yín ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lé yín láyà, ó ń lá èjìká yín, ẹ sì ń fi ọwọ́ kan náà wẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo bá ń funfun tàbí tó ń hu rorẹ́, ẹ wo apá tí ẹ sábà máa ń gbé e sí. Kí ẹ fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe máa jáwọ́.

Ìgbà wo ni n kò gbọdọ̀ dúró ní ilé oògùn rárá?

Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá ní ibà tó tó 38°C. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣọyún, tó ní èépá bí oyin, tàbí tó wú tó sì ń tàn kálẹ̀. Bí omi bá kóra jọ sínú àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó ń dun ọmọ, pàápàá lójú ọmọ tó ní éksímà. Bí ọmọ bá kọ ọmú. Ọsibítù tààrà ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi ìpara kankan sí i lójú ọ̀nà.

Túùbù tó ṣẹ́ kù ńkọ́?

Ẹ fi bírò kọ orúkọ ọmọ, ibi tí wọ́n ní kí ẹ fi sí, àti ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára páálí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò dé. Bí aládùúgbò bá wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ẹ ní kó gbé ọmọ náà wá kí a jọ wò ó.